Kọ́mà wà níbí àbí kò sí? Bí a ṣe ń yan "who", "which" àti "that" nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ ka ìkéde méjì yìí, irú èyí tí onílé lè lẹ̀ mọ́ ara ògiri ilé rẹ̀ ní Òkè-Fìà, ní Òṣogbo:

"The tenants who use the borehole will pay for the diesel."

"The tenants, who use the borehole, will pay for the diesel."

Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Kọ́mà méjì péré ni ìyàtọ̀ wọn, síbẹ̀ owó tí wọn yóò kó jọ kò ní dọ́gba. Ìkéde àkọ́kọ́ sọ pé nínú gbogbo ayálégbé, àwọn tó ń pọn omi ẹ̀rọ nìkan ni yóò san owó dísù. Ẹni tó bá ń ra omi níta lè fi ìkéde yẹn gbèjà ara rẹ̀. Ìkéde kejì sọ pé gbogbo ayálégbé ló ń pọn omi ẹ̀rọ, gbogbo wọn ni yóò sì san án. Bí ìjà bá ṣẹlẹ̀ ní òpin oṣù, ara kọ́mà ni wọ́n máa ka ìjà náà sí.

Ní èdè wa, "tí" ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ yìí. Ọkùnrin tí mo rí, ajá tí mo rí, ilé tí mo rí, ìyàwó mi tí ó ń ta àdìrẹ: "tí" kan náà ni. Kò sí ohun tó kàn án bóyá ènìyàn ni tàbí nǹkan, kò sì sí kọ́mà tó ń sọ bóyá ńṣe la ń ṣa ẹnì kan jáde láàárín ọ̀pọ̀ tàbí a kàn ń fi àlàyé kún ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ wa ló ń fi òye ara rẹ̀ yanjú rẹ̀. Nígbà tí a bá wá ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń bi wá ní ìbéèrè tí èdè wa kì í bi wá, a sì máa ń dáhùn rẹ̀ láìmọ̀, nípa fífi kọ́mà sí ibi tí èémí wa bá ti fẹ́ já.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni mo máa ń gbà tí mo bá ń tún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe, mi ò sì jẹ́ kí èyí tó yẹ kó wà lẹ́yìn ṣáájú. Mo máa ń wá awẹ́ gbólóhùn náà, mo máa ń bi í ní ìbéèrè kan, mo máa ń fi kọ́mà sí i tàbí kí n yọ kọ́mà kúrò, lẹ́yìn náà ni mo máa ń ṣẹ̀ṣẹ̀ yan ọ̀rọ̀. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀: wọ́n á jókòó máa rò ó bóyá "which" ni tàbí "that", nígbà tí wọn kò tíì mọ ohun tí gbólóhùn wọn fẹ́ sọ. Ìtumọ̀ ló ń pinnu kọ́mà, kọ́mà ló sì ń pinnu ọ̀rọ̀.

Ẹ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí

Awẹ́ gbólóhùn aṣàpèjúwe ni apá gbólóhùn tó so mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ kan láti sọ nǹkan nípa rẹ̀. "Who", "which", "that", "whose" tàbí "where" ló sábà máa ń ṣíwájú rẹ̀. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kì í ṣòro rí. Ibi tó parí sí ló ń da ènìyàn láàmú. Ẹ wo èyí:

"The bus that leaves Old Garage at six goes to Ibadan."

Ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ló wà níbẹ̀, "leaves" àti "goes". Ti awẹ́ gbólóhùn ni "leaves". Ti odindi gbólóhùn ni "goes", òun ló sọ ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe gan-an. Nítorí náà awẹ́ gbólóhùn parí sí "six", kí a tó kan "goes". Ẹ fi ìka bo ọ̀rọ̀ láti "that" títí dé "six", kí ẹ sì ka ìyókù: "The bus goes to Ibadan." Bí ìyókù bá jẹ́ gbólóhùn tó dá dúró, ẹ ti bo ibi tó yẹ. Bí ó bá rí jákujàku, ẹ ti bò ó kọjá ààlà ni, tàbí kí ó má tíì tó.

Nígbà mìíràn ọ̀rọ̀ tó ń ṣí awẹ́ náà máa ń fara pamọ́. Nínú "The cloth I bought at Oja Oba has faded", "that" wà lẹ́yìn "cloth" bí a kò tilẹ̀ rí i. Ẹ dá a padà sí àyè rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yẹ gbólóhùn wò, kí ẹ lè rí ibi tí ìka yín yóò bò. Tí ẹ bá ti yẹ ẹ́ wò tán, ẹ lè tún yọ ọ́.

Ẹ bi í pé: èwo?

Ibí yìí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Kí ìka yín tó kúrò lórí awẹ́ náà, ẹ bi ara yín bóyá ẹni tó ń kà á yóò béèrè pé "èwo?" tàbí "ta ni nínú wọn?" Bí ó bá máa béèrè, awẹ́ gbólóhùn ni ìdáhùn rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ sí kọ́mà. Bí kò bá ní béèrè, nítorí pé ẹni tàbí ohun tí à ń sọ ti dá a lójú tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé àlàyé la kàn fi kún un, kọ́mà sì gbọ́dọ̀ yí i ká.

Ẹ padà sí ọkọ̀ yẹn. "The bus goes to Ibadan." Èwo nínú wọn? Ọkọ̀ kún inú gáréèjì. Èyí tó ń gbéra ní aago mẹ́fà ni. Kò sí kọ́mà.

Ẹ wá wo èyí, tí ọkùnrin kan kọ sínú lẹ́tà:

"My wife, who sells adire at Oja Oba, will bring the money."

Bí ìyàwó kan ṣoṣo ló ní, kò sẹ́ni tí yóò béèrè pé ìyàwó wo. Kọ́mà tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ ọ́ báyìí:

"My wife who sells adire at Oja Oba will bring the money."

ó ti sọ fún ẹni tó mọ Gẹ̀ẹ́sì kà dáadáa pé òun ní ju ìyàwó kan lọ, àti pé èyí tó ń ta àdìrẹ ni òun ń sọ. Ní ilẹ̀ tí olóbìnrin méjì kì í ṣe ohun àjèjì, kò sí ẹni tí yóò rò pé àṣìṣe ọwọ́ ni. Bí wọ́n ṣe kà á ni wọ́n ṣe máa gbà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni "my brother who lives in Ede" ń sọ pé ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín lọ́kùnrin ju ẹyọ kan lọ, nígbà tí "my brother, who lives in Ede," ń sọ pé ẹyọ kan péré ni. Nínú ìwé ìbúra ilé ẹjọ́, tàbí fọ́ọ̀mù tí ẹnì kan yóò fi wé òmíràn tí ẹ ti kọ sẹ́yìn, irú ìyàtọ̀ yẹn lè mú kí wọ́n máa bi yín ní ìbéèrè tí ẹ kò retí. Ẹ ka iye wọn kí ẹ tó kọ ọ́.

Tí ọ̀rọ̀-orúkọ náà bá ń tọ́ka sí ọ̀pọ̀, ìbéèrè náà á yí padà díẹ̀: ṣé àwọn kan lára wọn ni, àbí gbogbo wọn? Ìbéèrè yẹn ló ya ìkéde méjèèjì tí a fi bẹ̀rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ara wọn. Àwọn kan: kò sí kọ́mà. Gbogbo wọn: kọ́mà.

Mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún àlàyé kan tó gbilẹ̀ ní àwọn yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wa. Wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ náà kò bá ṣe pàtàkì, kí a fi kọ́mà sí i; bí ó bá ṣe pàtàkì, kí a má fi sí i. Àlàyé yẹn ń ṣi àwọn ọmọ lọ́nà. Ẹ wo gbólóhùn yìí:

"The transformer on our street, which exploded last night, will be replaced."

Bíbú tí ẹ̀rọ iná náà bú ni ìròyìn tó le jù nínú gbólóhùn yẹn, síbẹ̀ kọ́mà tọ́ sí i, nítorí pé ẹyọ kan ló wà ní àdúgbò, a sì ti mọ̀ ọ́n kí a tó gbọ́ pé ó bú. A kò wádìí bóyá ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ohun tí à ń wádìí ni bóyá òun ló jẹ́ kí a mọ èyí tí à ń sọ.

Orúkọ ènìyàn àti ti ìlú sábà máa ń gba kọ́mà nítorí ìdí kan náà. Ẹni tó bá ka "Osogbo" kò ní béèrè pé Òṣogbo wo. Ẹ ó kọ ọ́ báyìí:

"Osogbo, which became a state capital in 1991, has many dyers."

Ṣùgbọ́n orúkọ tí ọ̀pọ̀ ń jẹ́ lè gba "the" kí ó sì pa kọ́mà tì. Kẹ́hìndé pọ̀ nílùú wa. Bí méjì bá wà tí ẹni tó ń kà á mọ̀ wọ́n, "The Kehinde who lives at Oke-Fia is a welder" ló tọ́, láìsí kọ́mà, nítorí pé orúkọ nìkan kò tíì sọ Kẹ́hìndé tí à ń wí.

Ẹ fi kọ́mà sí i ní méjì, tàbí kí ẹ má fi sí i rárá

Kọ́mà tó yí awẹ́ gbólóhùn ká dà bí àkámọ́: tí a bá ṣí i, a gbọ́dọ̀ tì í. Àṣìṣe méjì ló wọ́pọ̀ níbí. Èkínní ni pé a ṣí i, a sì gbàgbé láti tì í:

"My landlord, who lives in Lagos will come on Friday."

Ìka yín ló máa jẹ́ kí ẹ rí ibi tí kọ́mà kejì wà: ibi tí awẹ́ gbólóhùn parí sí, lẹ́yìn "Lagos". Bí ó bá jẹ́ òpin gbólóhùn ni awẹ́ náà parí sí, àmì ìdánudúró tó wà níbẹ̀ ti tì í fún yín.

Àṣìṣe kejì ló wọ́pọ̀ jù nínú ohun tí mo máa ń kà, èémí ló sì ń fà á:

"The man who sold me the indigo dye last week, has travelled."

Gbólóhùn náà gùn, ẹni tó kọ ọ́ mí lẹ́yìn "week", ó sì fi kọ́mà síbẹ̀. Kọ́mà ẹyọ kan yẹn ti ya ọkùnrin náà kúrò lára ohun tó ṣe. Èwo nínú àwọn ọkùnrin? Èyí tó ta aró fún mi. A ń dá a mọ̀ ni, nítorí náà kò sí kọ́mà níwájú, kò sì sí lẹ́yìn, bó ti wù kí ó gùn tó. Bí ẹ bá rí kọ́mà ẹyọ kan láàárín olùwà àti ọ̀rọ̀-ìṣe rẹ̀ nínú irú gbólóhùn báyìí, ẹ mọ̀ pé nǹkan ti wọ́: ó ku ọ̀kan tí a kò fi sí i, tàbí kí èyí tó wà níbẹ̀ má yẹ kó wà.

Ìgbà yìí ni kí ẹ yan ọ̀rọ̀

Tí kọ́mà bá ti yanjú, ọ̀rọ̀ yíyàn kò pẹ́ mọ́. Bí kọ́mà bá wà, "who" ni fún ènìyàn, "which" ni fún nǹkan. "That" kì í tẹ̀lé irú kọ́mà yìí nínú Gẹ̀ẹ́sì tí à ń kọ lónìí. "Susanne Wenger, that came to Nigeria" kò tọ̀nà.

Bí kò bá sí kọ́mà, "who" ṣì ni fún ènìyàn. "That" náà kì í ṣe àṣìṣe fún ènìyàn, ó ti pẹ́ tí àwọn elédè fúnra wọn ti ń lò ó, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà tàbí ìwé tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fojú tó dára wò, "who" ni kí ẹ lò. Fún nǹkan, ẹ lè lo "that" tàbí "which". Àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń tẹnu mọ́ ọn pé "that" nìkan ló yẹ níbẹ̀. Àwọn ará Bìrìtéènì gba méjèèjì, Gẹ̀ẹ́sì tiwọn sì ni a fi kọ́ wa nílé ìwé. Nítorí náà bí ẹnì kan bá fa ìlà pupa sábẹ́ "the bus which leaves at six", kì í ṣe pé ẹ ṣẹ̀. Síbẹ̀, "that" ni èmi máa ń kọ níbi tí kò bá sí kọ́mà, mo sì máa ń fi "which" sílẹ̀ fún ibi tí kọ́mà wà, nítorí pé ẹni tí ojú rẹ̀ bá sáré fo kọ́mà á ṣì rí ohun tí mo ní lọ́kàn láti ara ọ̀rọ̀ tí mo yàn.

Lẹ́yìn "everything", "all", "nothing" àti "the first", "that" ló máa ń dùn létí jù: "everything that we sold". Bí ọ̀rọ̀ atọ́kùn bá sì ṣáájú, "that" kò lè dúró níbẹ̀ rárá: "the house in which I was born" ló tọ̀nà, kì í ṣe "in that".

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa ní Òṣogbo máa ń bá pàdé ju àwọn ẹlòmíràn lọ, òun náà ni Ọ̀ṣun. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ òrìṣà, ẹni ni: "Osun, who gives children to those who ask". Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ odò, nǹkan ni: "the Osun, which flows past the grove". Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀: "Osun, which was created in 1991". Ẹ má ṣe da èkínní àti èkejì pọ̀ nínú gbólóhùn kan, kí ẹni tó ń kà á má baà máa wá ẹni tí ẹ ń wí.

Ohun tí "tí" wa ń gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì

Nínú Yorùbá, a lè sọ pé "ọkùnrin tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ jóná", "ilé tí mo gbé nínú rẹ̀". "Rẹ̀" yẹn jẹ́ kí ọ̀rọ̀ já gaara, kò sì sí àbùkù nínú rẹ̀. Tí a bá gbé e wọ inú Gẹ̀ẹ́sì, ó máa ń di "the man who his shop burnt" àti "the house that I lived in it". Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò gba méjèèjì, nítorí pé "who" tàbí "that" ti dúró fún ẹni náà tàbí nǹkan náà tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà tí ẹ lè gbà mọ̀ ni kí ẹ wo inú awẹ́ gbólóhùn bóyá "it", "him", "his", "her", "their" tàbí "there" wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́ka padà sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí awẹ́ náà ń ṣàpèjúwe. Bí ó bá jẹ́ "his", "her" tàbí "their", ẹ pa á pọ̀ mọ́ "who" kí ó di "whose": "the man whose shop burnt". Ẹ lè lo "whose" fún nǹkan pẹ̀lú, "a house whose roof leaks", kò burú. Bí ó bá jẹ́ "it" tàbí "him", ẹ yọ ọ́ dànù: "the house that I lived in". Bí ó bá jẹ́ "there", ẹ yọ ọ́, kí ẹ sì fi "where" rọ́pò "that": "the house where I lived". Ọ̀rọ̀ kọ́mà kò yí padà fún "whose" àti "where", ìbéèrè "èwo?" kan náà ni.

Ìwé ìléwọ́ kan, gbólóhùn márùn-ún

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, ẹ jẹ́ ká gbé ìwé ìléwọ́ kan tí ọkùnrin kan tó ń mú àlejò lọ sí igbó Ọ̀ṣun gbé wá fún mi láti bá a tún ṣe kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Báyìí ló ṣe kọ ọ́:

"The grove which UNESCO listed in 2005 lies beside the Osun River. Susanne Wenger that came to Nigeria in 1950 worked there with local artists. The artists, who worked in cement, made the walls and the large figures. Visitors, who come in August, must book a room early. The guide who his number is below will meet you at the gate."

Gbólóhùn kìíní. Ìka bo "which UNESCO listed in 2005". Ó ku "The grove lies beside the Osun River". Èwo nínú àwọn igbó? Àlejò láti Lọ́ńdọ̀nù lè béèrè bẹ́ẹ̀, nítorí pé igbó òrìṣà pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, wọn kò sì tíì dárúkọ ti ibí fún un. Nítorí náà, ohun tó kọ kò burú: láìsí kọ́mà, awẹ́ náà ló ń sọ igbó tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìléwọ́ tó ń polówó igbó gbọ́dọ̀ dárúkọ igbó náà. Bí a bá ti dárúkọ rẹ̀, ìbéèrè "èwo?" parí, kọ́mà sì wọlé: "The Osun-Osogbo Sacred Grove, which UNESCO listed in 2005, lies beside the Osun River." Ẹ rí i pé òtítọ́ kan náà ló wà nínú méjèèjì. Ohun tí ẹni tó ń kà á ti mọ̀ kí ó tó dé ibẹ̀ ló yí padà.

Gbólóhùn kejì kò le. Susanne Wenger ni Àdùnní Olórìṣà, tí a bí ní Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, tó sì kú sí Òṣogbo ní 2009. Orúkọ nìkan ti tó láti mọ̀ ọ́n. Kọ́mà méjì, "that" á sì di "who": "Susanne Wenger, who came to Nigeria in 1950, worked there with local artists."

Gbólóhùn kẹta ló gba àkókò jù, nítorí pé ìmọ̀ èdè nìkan kò lè tún un ṣe. Gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú kọ́mà, gbogbo àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n bá Wenger ṣiṣẹ́ ló ń fi símẹ́ńtì ṣe é. Ẹni tó bá ti wọ inú igbó yẹn mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀: ère onígi wà níbẹ̀, àwọn agbẹ́gilére ló sì gbẹ́ wọn. Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé gbogbo wọn ló fi símẹ́ńtì ṣiṣẹ́?" Ó ní, "Rárá o, àwọn agbẹ́gi wà lọ́tọ̀." Ó parí. Kọ́mà jáde: "The artists who worked in cement made the walls and the large figures." Ó ní òun fẹ́ dárúkọ Adébísí Àkànjí síbẹ̀. Orúkọ ni, nítorí náà kọ́mà padà wọlé fún òun nìkan: "Adebisi Akanji, who was a bricklayer, was one of them."

Gbólóhùn kẹrin dà bíi ìkéde onílé. "Visitors, who come in August, must book a room early" ń sọ pé oṣù August ni gbogbo àlejò ń wá, èyí tí kì í ṣe òótọ́, nítorí pé ẹnubodè igbó kì í tì nígbà tí ọdún Ọ̀ṣun bá parí. Ẹni tó bá fẹ́ wá ní January lè kà á kó sì rò pé kò sáyè fún òun. Àwọn kan ni à ń wí, kì í ṣe gbogbo wọn: "Visitors who come in August must book a room early."

Nínú gbólóhùn karùn-ún, "who his" á di "whose", ìyẹn kò gba àríyànjiyàn. Kọ́mà ńkọ́? Mo tún ní láti béèrè: "Ẹ̀yin amọ̀nà mélòó lẹ wà?" Ó ní àwọn mẹ́rin ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì máa ń kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sísàlẹ̀ èyí tó bá ń pín. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, nọ́ńbà yẹn ló ń sọ amọ̀nà tó jẹ́, kò sì sí kọ́mà: "The guide whose number is below will meet you at the gate." Ká ní òun nìkan ni, "Your guide, whose number is below, will meet you at the gate" ni ì bá jẹ́.

Bí kò bá sí ẹni tí ẹ lè bi

Nígbà mìíràn ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ náà kò sí nítòsí, ẹ kò sì mọ iye àwọn arákùnrin rẹ̀ tàbí iye yàrá tó wà nínú ilé rẹ̀. Ẹ má ṣe méfò kọ́mà fún un, nítorí pé ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀ á di ẹ̀rí lọ́rùn rẹ̀. Bí ẹ bá lè dúró, ẹ fi àmì sí ibẹ̀ kí ẹ sì kọ ìbéèrè sí etí ìwé: arákùnrin kan ni àbí jù bẹ́ẹ̀ lọ?

Bí kò bá sí àyè láti dúró, ẹ yọ awẹ́ gbólóhùn náà kúrò, kí ẹ sì sọ ọ́ di gbólóhùn tirẹ̀ lọ́nà tí kò ní ka iye kankan. Ká ní wọ́n fún yín ní "My brother who lives in Ede signed the form". Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: "A brother of mine signed the form. He lives in Ede." Arákùnrin kan ni o, mẹ́fà ni o, gbólóhùn méjèèjì ṣì jẹ́ òótọ́.